Ìbéèrè ni kí n kọ́kọ́ kà ni, àbí àyọkà?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, mo sì ti ṣe IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀mejì. Apá ìwé kíkà ló ń dá mi dúró. 6 ni mo gbà lẹ́ẹ̀mejèèjì, 7 ni mo sì nílò. N kì í ráyè ka àyọkà kẹta parí. Ẹnìkan ní kí n máa ka gbogbo ìbéèrè tán kí n tó fojú kan àyọkà, ẹlòmíràn ní ìyẹn gan-an ló ń pa mí lára. Èwo ni kí n ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa pín wákàtí kan yẹn?"

Àbúrò mi, àwọn méjèèjì tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ló sọ òótọ́, àmọ́ ìlàjì ni kálukú wọn mú lọ́wọ́. Irú ìbéèrè tó wà lábẹ́ àyọkà ló ń sọ èyí tí wàá kọ́kọ́ kà. Àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé bí o bá kà wọ́n ṣáájú, ìlàjì iṣẹ́ ti tán. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá kà wọ́n ṣáájú, wọ́n á kàn gbé èrò tí kì í ṣe ti àyọkà sí ọ lórí ni. Màá ṣàlàyé bí o ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wákàtí rẹ ń lọ, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Nínú IELTS tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń ṣe, ẹni tó gba 6 máa ń gba nǹkan bí ìbéèrè 23 nínú 40. Ẹni tó gba 7 máa ń gba nǹkan bí 30. Ìbéèrè méje péré ló wà láàárín ibi tí o wà àti ibi tí ò ń lọ. O sì ti sọ fúnra rẹ pé o kì í ka àyọkà kẹta parí. Ìbéèrè 14 ló sábà máa ń wà níbẹ̀, 13, 13 ní àwọn méjì àkọ́kọ́. Ìbéèrè méje tí ò ń wá kò sọnù síbòmíràn.

Wàyí o, ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Ọ̀rọ̀ inú àyọkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ máa ń tó 2,150 sí 2,750. Ká mú un ní 2,500, ká sì sọ pé o lè ka 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó dára fún ẹni tó ń ka èdè tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Bí o bá ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 12 àtààbọ̀ ti lọ. Bí o bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, 25. Bí o bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó kù díẹ̀ kó tó 38, ìṣẹ́jú 22 ló sì kù fún ìbéèrè 40. Kò sí ẹni tó lè ṣe ìyẹn. Ẹni tó ń ka gbogbo ìbéèrè 13 ṣáájú, tó wá ka àyọkà, tó tún padà sí ìbéèrè, tó tún wá ń wá ibi tí ìdáhùn wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń kà á láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé Òṣogbo wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀sùn tìrẹ yìí gan-an. Mo ní kó ṣe ìdánwò àtijọ́ kan, kó sì máa kọ àkókò tó wà lójú aago sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń dáhùn rẹ̀. Nígbà tó parí, a jọ wo ìwé náà. Ìṣẹ́jú 26 ló lò lórí àyọkà kìíní, 23 lórí èkejì, 11 ló sì kù fún ẹ̀kẹta. Ó gba 11 nínú 13 ní àkọ́kọ́, 8 nínú 13 ní èkejì, 4 nínú 14 ní ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 23. Ìbéèrè kan ṣoṣo wà nínú àyọkà kìíní tó jẹ ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, nítorí pé ó ń wá ohun tí kò sí nínú àyọkà rárá. Ó gbà nígbẹ̀yìn pé kò sí níbẹ̀ o, ó sì gba máàkì kan. Àmọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún náà tó láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta níwájú. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kó padà sí àyọkà kẹta, kó ṣe é láìsí aago. Ó gba 10 nínú 14. Mo fẹ́ kí ìwọ náà ṣe ìdánwò kékeré yìí kí o tó yí ohunkóhun padà. Bí máàkì rẹ bá fò sókè nígbà tí kò sí aago, àkókò ló ń dà ọ́ láàmú, ohun tí mò ń kọ síbí á sì wúlò fún ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá jókòó ti àyọkà náà fún wákàtí kan, tí o sì tún gba 4, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò yé ọ. Ọgbọ́n pínpín àkókò kò lè wo ìyẹn sàn. Kíkà púpọ̀ àti kíkọ́ ọ̀rọ̀ tuntun fún oṣù mélòó kan ló lè wò ó.

Ó yá, ká wá sí ìbéèrè tí o bi mí.

Ìbéèrè inú ìdánwò yìí pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni èyí tó ń tẹ̀lé àyọkà bí ó ṣe ń lọ. Ìdáhùn ìbéèrè 3 á wà lẹ́yìn ti ìbéèrè 2, ti 4 á sì wà lẹ́yìn ti 3. Irú èyí ni TRUE, FALSE, NOT GIVEN, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń béèrè èrò òǹkọ̀wé, ìyẹn YES, NO, NOT GIVEN. Irú rẹ̀ náà ni gbólóhùn tí wọ́n ní kí o fi ọ̀rọ̀ inú àyọkà parí, ìbéèrè tó fẹ́ ìdáhùn kúkúrú, àti èyí tí wọ́n to ìdáhùn mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ kí o mú ọ̀kan.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí kò tẹ̀lé àyọkà. Wọ́n lè ní kí o yan àkọlé fún ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè béèrè pé ìpínrọ̀ wo ló sọ báyìí báyìí. Nínú èyí, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ lè wà ní ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn, ti èkejì sì lè wà ní ìpínrọ̀ kejì. Kò sí okùn tí o lè dì mú.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń dáhùn ìbéèrè rẹ. Bí ìbéèrè bá ń tẹ̀lé àyọkà, ka ìbéèrè ṣáájú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Méjì ni kí o kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ka ìbéèrè 1 àti 2, kí o wá máa ka àyọkà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wàá fi dé ibi tó kan ìbéèrè 1. Dáhùn rẹ̀, ka ìbéèrè 3 mọ́ 2 tó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o tún máa lọ. Báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lo ka àyọkà náà, bí o sì ṣe ń parí rẹ̀ ni ìbéèrè ń tán. Ìdí tí mo fi ní kí o mú méjì dání, tí kì í ṣe ọ̀kan, ni pé bí o bá kọjá ìdáhùn ìbéèrè 1 láìmọ̀, ìbéèrè 2 ló máa jẹ́ kí o mọ̀. Ní kété tí o bá rí ibi tí 2 wà, o ti mọ̀ pé ti 1 ti wà lẹ́yìn rẹ.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ìpínrọ̀ lódindi, ka ìpínrọ̀ ṣáájú. Kà á tán, gbójú kúrò lára rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ ohun tó ń sọ, kí o tó wo àkọlé tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àkọlé tí wọ́n máa ń kọ máa ń pọ̀ ju ìpínrọ̀ lọ, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ ìdẹkùn, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tó hàn gbangba nínú ìpínrọ̀ kan hun ún. Ẹni tó ti ka àkọlé mẹ́wàá sórí kó tó wọ inú àyọkà, ọ̀rọ̀ tó jọra ni ojú rẹ̀ á máa wá kiri, kò ní gbọ́ ohun tí ìpínrọ̀ ń sọ. Ẹni tó ń lé eku méjì ni wọ́n ní yóò pòfo; ẹni tó ń lé mẹ́wàá ńkọ́?

Jẹ́ kí n fi ìpínrọ̀ kan hàn ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, irú ohun tí wọ́n máa ń gbé wá nínú ìdánwò náà ni, mo kàn kọ ọ́ ní Yorùbá síbí kó lè rọrùn láti wò pọ̀. Ká pè é ní ìpínrọ̀ B.

"Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀gán ń mí bí ihò èéfín: ooru tí ikán àti ọgbà olú wọn ń mú jáde ń gbé afẹ́fẹ́ gòkè, afẹ́fẹ́ náà sì ń bá ẹnu ọ̀gán jáde lókè. Èrò yìí wà lára ohun tí ayàwòrán ilé Mick Pearce gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé nígbà tó ń ya àwòrán Eastgate, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ńlá tí wọ́n ṣí ní Harare ní 1996. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí tọpasẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ọ̀gán, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀gán ni kò ní ẹnu kankan lókè. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lu ògiri wọn níta ló ń ti afẹ́fẹ́ inú wọn síwá sẹ́yìn. Síbẹ̀, ilé náà ń tutù láìsí ẹ̀rọ ńlá tí ilé irú rẹ̀ máa ń lò."

Ìbéèrè 4 sọ pé: ọgbà olú ń mú ooru jáde ju ikán fúnra wọn lọ. Ìbéèrè 5 sọ pé: ìwádìí tó dé lẹ́yìn fìdí èrò tí Pearce lò múlẹ̀. TRUE, FALSE, NOT GIVEN ni méjèèjì. Ìbéèrè 4 àti 5 lo mú dání báyìí, ò ń ka ìpínrọ̀ náà bọ̀. Ní gbólóhùn àkọ́kọ́, o rí ikán, o rí ọgbà olú, o rí ooru. Ibi tí ìbéèrè 4 wà nìyí. Ṣé wọ́n fi ọ̀kan wé èkejì? Rárá, wọ́n kàn dárúkọ méjèèjì pọ̀ ni. O ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì kí o lè rí i dájú, o sì ń lọ. Nígbà tí o dé "ṣùgbọ́n" ní gbólóhùn kẹta, ìbéèrè 5 ti fara hàn: ìwádìí náà tako èrò àtijọ́, FALSE ni. Bí o sì ṣe ti dé ibi tí ìbéèrè 5 wà, ààlà ti yí ìbéèrè 4 ká. Ìdáhùn rẹ̀ kò lè wà ní iwájú mọ́. NOT GIVEN ni, ó parí.

Ààlà yìí ni nọ́ọ̀sì Òṣogbo kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí kò rí ohun tó ń wá lórí ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àyọkà, ó kà á dé òpin, bóyá wọ́n fi í pamọ́ síbì kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan kò sí níbi kan, gbogbo ibẹ̀ ló máa wá. Ohun tí mo wá ń sọ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: wá ibi tí ìbéèrè tó ṣáájú ti parí, wá ibi tí ìbéèrè tó tẹ̀lé e ti bẹ̀rẹ̀, ka àárín wọn lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà tí wọn kò yanjú rẹ̀, NOT GIVEN ni kí o tẹ̀. Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ lọ.

Ẹ wá wo bí ìpínrọ̀ kan náà ṣe yí padà bí ìbéèrè bá yí padà. Ká ní wọ́n béèrè pé: ìpínrọ̀ wo ló mẹ́nu ba àṣeyọrí tó ti inú èrò tí kò tọ̀nà jáde? Bí o bá mú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ wọ inú àyọkà, "àṣeyọrí" ni ojú rẹ á máa wá, kò sì sí i níbi kankan nínú ìpínrọ̀ B. "Kò tọ̀nà" náà kò sí. Ìtumọ̀ gbogbo ìpínrọ̀ náà lápapọ̀ ni ìdáhùn, o gbọ́dọ̀ kà á dé "síbẹ̀" kó tó hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ka ìpínrọ̀ náà, tó kọ "èrò ọ̀gán ṣàṣìṣe, ilé ṣì dáa" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá ti rí ìbéèrè yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí B. Bákan náà ni ti àkọlé. "Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ńlá kan ní Harare" á wà níbẹ̀, á sì máa pe ọ́ torí pé Harare wà nínú ìpínrọ̀. Èyí tó tọ́ á jẹ́ nǹkan bíi "Àṣìṣe tó so èso rere", èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó jọ ti ìpínrọ̀ náà.

Àwọn mẹ́ta kan wà tó gba ọgbọ́n tiwọn. Bí wọ́n bá kọ àkópọ̀ kúkúrú tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí o fi dí i, ka àkópọ̀ náà ṣáájú àyọkà. Wọ́n ti bá ọ kó ọ̀rọ̀ apá kan àyọkà jọ ní gbólóhùn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tàbí èrò ni wọ́n ní kí o so mọ́ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, fa ìlà sábẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn náà nínú àyọkà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, torí lẹ́tà ńlá máa ń jẹ́ kí ojú tètè rí orúkọ. Ní ti ìbéèrè tó ní ìdáhùn mẹ́rin, gbólóhùn ìbéèrè nìkan ni kí o kọ́kọ́ kà, bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe òótọ́, wọ́n sì kọ wọ́n kó lè dà bí òótọ́. Kò sí ìdí tí wàá fi kó irọ́ mẹ́ta sórí kí o tó gbọ́ ohun tí àyọkà fúnra rẹ̀ sọ.

O máa bi mí pé, bó bá jẹ́ pé oríṣi méjèèjì ló wà lábẹ́ àyọkà kan náà ńkọ́? Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Lo ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láti wo irú ìbéèrè tó wà níbẹ̀ láìka ìbéèrè náà: ti àkọlé ni, ti TRUE ni, ti àkópọ̀ ni. Ka orí ọ̀rọ̀ àyọkà. Bí ti àkọlé bá wà, òun ni kí o kọ́kọ́ ṣe, ìpínrọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, torí nígbà tí o bá parí rẹ̀, o ti ka gbogbo àyọkà náà lẹ́ẹ̀kan, o sì ti mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Ìbéèrè tó ń tẹ̀lé àyọkà á wá rọrùn. Bó bá jẹ́ ti "ìpínrọ̀ wo" ló wà, fi í sẹ́yìn pátápátá, kódà bí wọ́n bá fi ṣe àkọ́kọ́. Nígbà tí o bá fi dáhùn àwọn tó kù, o ti rìn nínú àyọkà náà tó láti mọ ìpínrọ̀ tí nǹkan wà. Kò sí òfin tó ní ìbéèrè 14 ni o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn torí pé òun ló wà lókè.

Ní ti pípín wákàtí, ìṣẹ́jú 20 fún àyọkà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń dámọ̀ràn. Mi ò fara mọ́ ọn fún ẹni tó wà ní ibi tí o wà. Àyọkà máa ń le sí i bó ṣe ń lọ, kò sì bọ́gbọ́n mu láti fún èyí tó rọrùn àti èyí tó le ní àkókò kan náà. Ìṣẹ́jú 16 ni kí o fún àkọ́kọ́, 20 fún èkejì, 22 fún ẹ̀kẹta, kí méjì ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣe é, àkókò tó ṣẹ́kù ló máa ń hàn lókè, torí náà nọ́ńbà méjì péré ni kí o há sórí: 44 àti 24. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 44, kúrò ní àyọkà kìíní. Nígbà tó bá ku 24, kúrò ní èkejì. Kúrò ni mo wí o, ìbéèrè ì báà ṣẹ́kù méjì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, pàápàá fún ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ ní wọ́ọ̀dù pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi aláìsàn sílẹ̀ láìtọ́jú tán. Àmọ́ gbogbo ìbéèrè inú ìwé yìí ló ní máàkì kan ṣoṣo, èyí tó le àti èyí tó rọrùn.

Kí o tó kúrò, má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ́. Tẹ ohun tó dà bí òótọ́ lójú rẹ, fi àmì sí ìbéèrè náà lórí kọ̀ǹpútà kí o lè padà wá, kí o sì lọ. Bó bá jẹ́ orí ìwé lo ti ń ṣe é, rántí pé kò sí àfikún àkókò fún kíkọ ìdáhùn sínú ìwé ìdáhùn bí ó ṣe wà ní apá ìgbọ́rọ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ tààrà bí o ṣe ń dáhùn, kí o sì wo nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa bí o bá fo ìbéèrè kan, torí mo ti rí ẹni tó fo ìbéèrè 19, tó kọ ìdáhùn 20 síbẹ̀, tí gbogbo ìyókù sì yẹ̀ ní ìlà kan kan dé ìsàlẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kì í ṣe fún ìbéèrè tuntun. Fi í wo iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí o kọ. Bí wọ́n bá kọ NO MORE THAN TWO WORDS, tí o kọ mẹ́ta, kò sí máàkì níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn náà wà nínú rẹ̀. Wo sípẹ́lì náà, ìyẹn náà ń jẹ máàkì.

Kí n sọ bó ṣe parí fún nọ́ọ̀sì Òṣogbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ṣe é, àyọkà mẹ́ta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú aago. Ọ̀sẹ̀ kìíní burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, máàkì rẹ̀ já wálẹ̀, torí kò tíì mọ́ ọn lára láti fi ìbéèrè sílẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn ṣáá. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́ bó bá ṣẹlẹ̀ sí ìwọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gba 11 nínú àyọkà kìíní, bó ṣe máa ń gbà á tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú 16 ló fi ṣe é dípò 26. Ó gba 10 ní èkejì àti 9 ní ẹ̀kẹta. 30 gééré nìyẹn. Àyọkà kẹta kò di èyí tó rọrùn fún un, ó kàn wá ń débẹ̀ pẹ̀lú àkókò lọ́wọ́ ni.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, mú ìdánwò àtijọ́ kan tí o kò tíì rí rí, kí o ṣe é lórí kọ̀ǹpútà bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo máa fi ṣe ìdánwò gan-an. Gbé ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o máa kọ àkókò tí o dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Má tíì yí bí o ṣe ń kà padà, ṣe é bí o ṣe máa ń ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, tún àyọkà kẹta ṣe láìsí aago. Lẹ́yìn náà, wo ìwé àkókò rẹ, kí o fa ìlà yí gbogbo ìbéèrè tó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ká, kí o kọ irú ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: àkókò tí o bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè 27, iye tí o gbà ní àyọkà kẹta nígbà tí aago wà àti nígbà tí kò sí, àti irú ìbéèrè tó wà nínú àwọn ìlà tí o fà yẹn.